Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣe

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí náà bí ohùn mi bá le, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá oníbàárà kọ àtẹ̀jáde mọ ibi tó ti ń ta mí. Ẹ kọ nǹkan tó mọ́ kedere, ẹni tó gbéṣẹ́ fún yín fọwọ́ ara rẹ̀ rú u pọ̀, nígbà tí kò sì ṣiṣẹ́, ó ní ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n kọ.

Oníbàárà tí mò ń sọ yìí ń kọ́ àwọn èèyàn ní aṣọ rírán lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ó fẹ́ kí àwọn tó ń tẹ̀ lé e forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì tuntun lórí bí wọ́n ṣe ń gé apá aṣọ. Mo kọ ọ́ fún un. Mo ṣàlàyé ìdí tí apá aṣọ fi máa ń fa ejìká nígbà tí èèyàn bá gbọ́wọ́ sókè, mo sì sọ pé ohun tí kíláàsì náà máa yanjú nìyẹn. Gbólóhùn ìpè, èyí tó ń sọ ohun tí òǹkàwé máa ṣe, ni mo fi parí rẹ̀: "Ẹ fi RANSO ránṣẹ́ sí ínbọ́ọ̀sì wa níbí kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. A ó fi àwọn àkókò kíláàsì ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ yan èyí tó bá yín lára mu."

Ó kà á, ó ní ó ti kéré jù, pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sọ́jà, ọ̀nà kan ló máa gbà lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti gbà. Nígbà tí àtẹ̀jáde náà jáde lálẹ́, ìparí rẹ̀ ti di báyìí:

"Ẹ láìkì, ẹ pín in, ẹ táàgì ọ̀rẹ́ yín mẹ́ta, ẹ sọ èrò yín nísàlẹ̀, ẹ wọ ẹgbẹ́ wa lórí Tẹligíráàmù, ẹ tẹ línkì yìí láti forúkọ sílẹ̀, ẹ lè pè wá, ẹ sì lè fi RANSO ránṣẹ́."

Ẹ kà á wò. Ohun mẹ́jọ ni. Tèmi ló sì kẹ́yìn gbogbo wọn.

Ní wákàtí àkọ́kọ́, ayọ̀ ni. Láìkì ń ya wọlé, orúkọ èèyàn ń tò síbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, oníbàárà mi ń ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé ṣé mo rí i báyìí. Èmi ń wo kọ́mẹ́ǹtì. Àwọn tí wọ́n táàgì ń dá ara wọn lóhùn: "O ṣeun tó o rántí mi." "Èmi nìyí o." Ẹnì kan béèrè pé línkì dà. Ẹlòmíràn ní òun rí i ṣùgbọ́n kò ṣeé tẹ̀. Kò sì lè ṣeé tẹ̀, torí orí Instagíráàmù ni, línkì tí ẹ bá sì kọ sábẹ́ àwòrán níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ló máa ń jẹ́. Ẹnì kan tún béèrè pé ṣé kí òun kọ́kọ́ wọ Tẹligíráàmù kí òun tó forúkọ sílẹ̀ ni, àbí kí òun pè. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Kò tún padà wá.

Nígbà tí gbèdéke pé, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́.

Ibi tó dùn mí jù ni ìpàdé ọjọ́ kejì. Ó kó àwọn olùkọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ jọ, ó gbé àtẹ̀jáde náà sójú gbogbo wa, ó ní, "Ẹ wo bí láìkì ṣe pọ̀ tó. Àwọn èèyàn fẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ni kò gbé wọn dé ibi tó yẹ." Kò dárúkọ mi, ṣùgbọ́n ta ló kọ ọ́? Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà wá fi pẹ̀lẹ́tù béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé mo ti kọ irú rẹ̀ rí. Àkọsílẹ̀ mi àkọ́kọ́ wà lórí fóònù mi, ní ọwọ́ mi gan-an. N kò fi hàn wọ́n. Ẹni tó ń sanwó fúnni kì í ṣe ẹni tí à ń já nírọ́ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbé e mì.

Lẹ́yìn ìpàdé, mo kọ̀wé sí obìnrin kan tó ti táàgì àbúrò rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Mo béèrè pé kí ló dé tí kò forúkọ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá aṣọ ni ìṣòro òun. Ó ní, "Ṣebí mo ti ṣe é. Ẹ ní ká táàgì èèyàn mẹ́ta."

Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí wà nínú èsì yẹn. Bí ẹ bá bẹ èèyàn ní ohun mẹ́jọ, kò ní ṣe mẹ́jọ. Èyí tó rọrùn jù ló máa mú, á sì gbà pé òun ti jẹ́ yín lóhùn. Kò purọ́, kò sì ya ọ̀lẹ, torí ẹ̀yin lẹ fún un ní ọ̀nà tó fi lè ṣe tirẹ̀ láìná an ní nǹkan kan. Láìkì kò gbà ju ìtẹ̀kan lọ. Ìforúkọsílẹ̀ gba orúkọ, nọ́mbà, àkókò tí a máa yan, àti owó. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó wá máa yà yín lẹ́nu pé láìkì ló borí?

Àwọn kan á sọ pé láìkì àti táàgì ló ń jẹ́ kí àtẹ̀jáde rìn jìnnà. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Fesibúùkù fúnra wọn kéde pé àwọn á máa rẹ àtẹ̀jáde tó bá ń ṣagbe láìkì, ìpín, táàgì àti kọ́mẹ́ǹtì sílẹ̀. Àti pé, ká tiẹ̀ ní ó rìn dé òpin ayé, ibo ló ń mú àwọn tó bá kà á lọ?

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi ara mi báyìí ni pé, kí ni ìka ẹni yìí máa ṣe lẹ́yìn tó bá kà á tán? Ìka ni mo wí. "Ẹ forúkọ sílẹ̀" kì í ṣe ìgbésẹ̀ kan, ọ̀pọ̀ ìgbésẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn nìkan ni mo máa ń béèrè nínú àtẹ̀jáde. Ìyókù, inú ínbọ́ọ̀sì la ti máa ṣe é, níbi tí a ti ń bá òun nìkan sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi kọ RANSO nìyẹn. Kò ní àmì ohùn lórí, torí ọ̀pọ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni, kò sẹ́ni tó máa ronú ohun tó yẹ kó sọ.

Ẹ padà wo gbólóhùn mi lókè. Ó sọ ohun tí wọ́n máa ṣe, ibi tí wọ́n máa ti ṣe é, ìgbà tó máa parí, àti ohun tí wọ́n máa rí gbà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìránṣẹ́ rẹ̀ máa ń rò pé wọ́n fẹ́ máa pe òun láti tajà fún òun ni, á sì yẹra. Nígbà tó ti mọ̀ pé àkókò kíláàsì nìkan ni wọ́n máa fi ránṣẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀.

Ibi tó wà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Lórí Instagíráàmù, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ má rán wọn lọ síbòmíràn. Ibi tí línkì ti ṣeé tẹ̀, bíi Fesibúùkù tàbí sítétọ́ọ̀sì Wásáàpù, mo máa ń lo èyí:

```
https://wa.me/NOMBA?text=RANSO
```

Ẹ fi nọ́mbà yín rọ́pò NOMBA, kí kóòdù orílẹ̀-èdè yín ṣíwájú, láìsí àmì +, láìsí òdo ìbẹ̀rẹ̀, láìsí àlàfo. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ máa bá RANSO nínú Wásáàpù rẹ̀, fífi ránṣẹ́ nìkan ló kù. Ohun kan ṣoṣo náà ni, mo tún un sọ.

Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀kan la máa sọ ọ́ o. Ohun kan ṣoṣo yẹn lè wà ní ìlà kejì, torí àwọn ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń hàn kí ìyókù tó fara pamọ́. Kó tún wà lórí àwòrán, kó wà ní ìparí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kó jẹ́ níbi gbogbo. Bí ẹ bá kọ "fi ránṣẹ́" níbí, tí ẹ kọ "kàn sí wa" lọ́hùn-ún, ó ti di méjì. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n pín nǹkan, ẹ kọ àtẹ̀jáde tirẹ̀ fún un lọ́jọ́ mìíràn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tó ti bàjẹ́? Bí láìkì bá pọ̀ tí ínbọ́ọ̀sì gbẹ, ohun mìíràn ló ń bá ìgbésẹ̀ yín díje, ẹ yọ ọ́. Bí wọ́n bá ń béèrè "níbo?" tàbí "báwo?", gbólóhùn yín kò yé wọn. Ṣùgbọ́n bí RANSO bá ń wọlé dáadáa tí wọ́n wá dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti fèsì, ẹ má fọwọ́ kan gbólóhùn ìpè mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Owó, àkókò, tàbí bí ẹ ṣe pẹ́ kí ẹ tó dáhùn ni kí ẹ lọ wò. Gbólóhùn kò sì lè ta kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́.

Oníbàárà náà gbà mí láyè nígbà tó yá, torí ó ti sú u. A gbé àkọsílẹ̀ mi àkọ́kọ́ jáde bó ṣe wà. Láìkì kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ rárá, kíláàsì kún. Kò sọ nǹkan kan nípa ìpàdé ọjọ́sí, èmi náà kò béèrè.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí gbèdéke bá ti kọjá, ẹ padà sínú àtẹ̀jáde náà kí ẹ tún un ṣe. Àwọn èèyàn máa ń bá a pàdé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á fi RANSO ránṣẹ́, ẹ ó sì ní kíláàsì ti parí. Mo máa ń yọ ọjọ́ náà kúrò, mo máa ń fi "Ẹ fi RANSO ránṣẹ́, a ó sọ fún yín nígbà tí kíláàsì mìíràn bá ṣí" síbẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń ránṣẹ́ sí nígbà tí ọ̀tun bá ń bọ̀.