Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú ìwé ìpìlẹ̀ ìṣirò ilé

Èmi ni wọ́n máa ń gbé ìṣirò ilé tí ẹnjiníà mìíràn ṣe wá bá, kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó da kọnkéré. Kí n tó ṣí àwòrán rárá, mo máa ń bèèrè ìwé ìpìlẹ̀ ìṣirò: òfin ìkọ́lé wo lẹ tẹ̀ lé, ẹrù mélòó lẹ gbé lé ilé, báwo ni kọnkéré àti irin ṣe lágbára tó, kí lẹ sì gbà bẹ́ẹ̀ láì tíì rí i?

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ mú òfin kan, kí ẹ dúró tì í. BS 8110, òfin kọnkéré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń sọ ìwúwo ilé di ìlọ́po 1.4, ẹrù ìlò, ìyẹn àwọn èèyàn àti ohun tí wọ́n bá kó sínú ilé, di ìlọ́po 1.6. Lábẹ́ òfin Yúróòpù, 1.35 àti 1.5 ni. Tí dẹ́kìn bá wúwo kílónútìnnì 6 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, tí ẹrù ìlò jẹ́ 3, ti àkọ́kọ́ á fún yín ní 13.2, èkejì á fún yín ní 12.6. Kò sí èyí tí kò dára nínú méjèèjì. Àmọ́ ẹni tó kó 12.6 wọnú fọ́múlà BS 8110 ti bu ààbò ilé jẹ.

Kọnkéré náà ńkọ́? "Kọnkéré 25" nìkan kò tó mi. Ṣé kúùbù lẹ fọ́ láti fi dán agbára rẹ̀ wò ni àbí sílíńdà? Ẹ kọ C20/25, kí n mọ̀ pé 20 ni ti sílíńdà, 25 ni ti kúùbù. Fọ́múlà Yúróòpù, ti sílíńdà ló ń lò.

Ibi tí wàhálà máa ń sá pamọ́ sí jù ni ohun tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé ilé alájà mẹ́rin kan l'Ékòó sọ pé ẹrù ìlò orí òrùlé pẹrẹsẹ jẹ́ kílónútìnnì 1.5 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Mo wo àwòrán akítẹ́ẹ̀tì: táǹkì omi mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 5,000. Omi inú ọ̀kan tó kílónútìnnì 50. Tó bá jókòó lórí mítà onígun mẹ́rin 4, 12.5 nìyẹn, ó ju ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí wọ́n kọ lọ.

Mo pe ẹnjiníà náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, férémù irin ló máa gbé wọn."

Mo ní, "Ó dáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa tẹ ibo?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá tẹ àárín dẹ́kìn, ìṣirò dẹ́kìn náà kò ní gbà á. Gbólóhùn tó wá fi kún ìwé náà ló yẹ kí gbogbo yín máa kọ: táǹkì mẹ́rin, omi kílónútìnnì 200, férémù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí pílà tí a dárúkọ, 50 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láì ka ìwúwo irin, bí akítẹ́ẹ̀tì bá sún táǹkì, a ó tún ṣírò. Ó ṣírò àwọn pílà náà títí dé ìsàlẹ̀, ó sì mú kí ìpìlẹ̀ méjì nínú wọn fẹ̀ sí i.