Mánúà láàbù ni mo kọ́kọ́ ń ṣí kí n tó fi rìpọ́ọ̀tì sílẹ̀

Ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì ni. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni pé ká máa kán ásíìdì HCl láti inú bùrẹ́ẹ̀tì sínú 25.00 cm³ omi Na₂CO₃, títí àwọ̀ mẹ́táìlì ọ́rẹ́ńjì yóò fi kúrò ní yẹ́lò di ọsàn. Mo kọ rìpọ́ọ̀tì mi lálẹ́, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí àṣìṣe kankan. Àmọ́ nígbà tó padà dé ọwọ́ mi, yíǹkì pupa ló kún inú rẹ̀. Rìpọ́ọ̀tì yẹn nìkan ni mo ti ń kà, n kò ṣí mánúà rárá.

Látìgbà náà, mánúà ni mo ń kà, pẹ́ńsù lọ́wọ́. Gbogbo ibi tó bá ti sọ pé "ṣírò", "fi hàn" tàbí "ṣàlàyé", mo máa ń fa ìlà sí i, màá sì wá ìdáhùn rẹ̀ nínú rìpọ́ọ̀tì. Bí n kò bá rí i, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Báyìí ni mo ṣe rí i pé wọ́n ní ká ṣírò agbára ásíìdì ní mol/dm³ àti ní g/dm³. Ẹyọ kan péré ni mo ṣe.

Ti ìṣirò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ìwé tí mo fi kọ nǹkan ní láàbù ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun, n kì í wo èyí tí mo ti ṣe. Ásíìdì tí mo lò jẹ́ 25.60, 24.80 àti 24.90 cm³. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìdánwò lásán, kò yẹ kó wọ inú ìpíndọ́gba, síbẹ̀ mo ti kó o mọ́ ọn, ó di 25.10. Méjì tó sún mọ́ra ló tọ́: 24.85.

Agbára Na₂CO₃ jẹ́ 0.0500 mol/dm³, nítorí náà 0.00125 móòlù ló wà nínú 25.00 cm³.

Na₂CO₃ + 2HCl → 2NaCl + H₂O + CO₂

Ẹ wo 2 iwájú HCl yẹn dáadáa. Ásíìdì tó lò jẹ́ 0.00250 móòlù. Ẹ fi 0.02485 dm³ pín in, ó di 0.1006 mol/dm³, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 36.5, ó di 3.67 g/dm³. Èmi ti gbàgbé 2, ìdáhùn mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.05. Bẹ́ẹ̀, mánúà ti kọ ọ́ sókè pé ásíìdì náà tó nǹkan bíi 0.1. Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ ìdajì tàbí ìlọ́po méjì ohun tí mánúà ń retí, ẹ má tíì bá bùrẹ́ẹ̀tì jà, ẹ padà sídìí ìdọ́gba kẹ́míkà.

Ẹ ṣí ẹ̀yìn ojú-ewé tó kẹ́yìn pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi wá ìdí tí a kò fi lo finọfutálíìnì dípò mẹ́táìlì ọ́rẹ́ńjì, mi ò sì rí i rárá. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọ̀ rẹ̀ ti máa lọ nígbà tí Na₂CO₃ bá ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ di NaHCO₃, nígbà tí ásíìdì tó wọlé kò tíì ju nǹkan bíi 12.4 cm³ lọ.