Apíréésà tí wọ́n ti parí kí n tó wọlé

Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe apíréésà fún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ọkàn ẹ̀ ti ń sọ fún un pé wọ́n ti kọ máàkì ẹ̀ sílẹ̀, ẹni yẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi náà ti wà níbẹ̀ rí. Iṣẹ́ lóònù ni mò ń ṣe, Adó-Èkìtì níbí, àwọn ìyá ọlọ́jà là ń yá lówó, a sì máa ń lọ gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìsọ̀ wọn. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mánẹ́jà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ni, kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, òun ló sì máa fún wa ní máàkì odidi ọdún kan.

Kaṣíà wa ló sọ fún mi pé orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ga ti lọ sí ọ́fíìsì àgbà, orúkọ mi ò sì sí níbẹ̀. Látọjọ́ náà ni mi ò ti rí oorun sùn, mo máa dùbúlẹ̀, mo máa máa bá mánẹ́jà ṣe àríyànjiyàn lọ́kàn mi, ó máa sọ tiẹ̀, èmi náà máa sọ tèmi, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tíṣà ni wọ́n n'Ìkẹ́rẹ́, ni wọ́n gbọ́ ohùn mi lórí fóònù tí wọ́n ní: "Dúró ná. Èwo nínú gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀ yìí lo fojú ara ẹ rí, èwo ni wọ́n wá sọ fún ẹ?"

Mo mú ìwé kan, mo fa ìlà sí i láàárín, ohun tí mo rí lápá kan, ohun tí mo gbọ́ lápá kejì. Apá ohun tí mo gbọ́ kún dẹ́nu. Nǹkan méjì péré ló wà lápá ohun tí mo rí: mánẹ́jà ti pe àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan láti bi wọ́n nípa iṣẹ́ wọn, kò pè mí, àti pé nínú ríìpọ́ọ̀tù oṣù kẹwàá, gbogbo gbèsè kọ́sítọ́mà tí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó lọ lóṣù kẹta ti wà lórúkọ mi. Èyí àkọ́kọ́ lè máà túmọ̀ sí nǹkan kan. Èkejì yìí ni mo lè fọwọ́ kàn, mo bá gbàgbé ọ̀rọ̀ kaṣíà, mo jókòó ti èyí.

Lóònù tó wà níta lórúkọ mi nígbà yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 18 náírà. Níbi iṣẹ́ wa, tí kọ́sítọ́mà bá ti fi ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ jẹ gbèsè, gbogbo owó tó kù lọ́rùn ẹ̀ ni wọ́n máa kà sí èyí tó wà nínú ewu, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tí kò san nìkan. Tèmi jẹ́ mílíọ̀nù 1.62, ìyẹn náírà 9 nínú 100, bẹ́ẹ̀ wọn ò fẹ́ ká kọjá náírà 5. Àmọ́ mílíọ̀nù 1.17 nínú ẹ̀ ló jẹ́ ti ẹni tó lọ. Ibí yìí ni inú bíbí ti máa ń tan èèyàn jẹ, nítorí ó wù mí kí n kàn yọ gbèsè ẹ̀ kúrò kí n sì fi àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ tó ń san dáadáa kún tèmi. Ìyẹn ò dáa, mánẹ́jà tó bá mọṣẹ́ máa rí i lójú ẹsẹ̀, kò sì ní gba ohunkóhun mìíràn tí mo bá sọ mọ́. Mo yọ mílíọ̀nù 1.5 tó jẹ́ gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, dáadáa àti búburú. Ó ku mílíọ̀nù 16.5 tí mo yá èèyàn fúnra mi, 450,000 ló wà nínú ewu níbẹ̀, kò tó náírà 3 nínú 100.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣe ohun tó dùn mí jù, mo fún ara mi ní máàkì. Mo kọ àṣìṣe mi tòótọ́ sílẹ̀: nínú oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, mi ò kọ ríìpọ́ọ̀tù àbẹ̀wò àwọn kọ́sítọ́mà mi lásìkò, mo máa ń kó o jọ di ìparí oṣù. Òótọ́ ni, kò sí ẹni tó purọ́ mọ́ mi. Ẹni tó bá ti gbà pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ kì í fẹ́ gba òótọ́ kankan mọ́, tí wọ́n bá sì mẹ́nu ba kékeré tó jẹ́ òótọ́ yẹn tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà, òun ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ pé kì í gbọ́ ìbáwí.

Mo wá pinnu pé mi ò wọlé lọ torí máàkì. Tí wọ́n bá ti fi í ránṣẹ́, ẹni tó jókòó síwájú mi gan-an lè máà lágbára láti yí i padà. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ gbà jáde: kí wọ́n sọ ohun tí mo ṣe tó fa máàkì náà ní pàtó, kí ìṣirò mi sì wọnú fáìlì.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi ṣe bíi mánẹ́jà fún mi. Mo ní kí wọ́n sọ èyí tó burú jù. "Madam, iṣẹ́ yín ò tẹ́ wa lọ́rùn lọ́dún yìí." Nígbà àkọ́kọ́, omi bọ́ lójú mi, ní yàrá ara mi. A ṣe é bí ìgbà mẹ́fà, títí tí mo fi lè dákẹ́, kí n mí, kí n sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Mo gbọ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo nínú iṣẹ́ mi lẹ ń sọ?"

Nígbà tí ọjọ́ pé, gbólóhùn tí wọ́n sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Máàkì 2 nínú 5. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì àmọ́ ẹnu mi sọ ohun tó yẹ kó sọ. Wọ́n dárúkọ ríìpọ́ọ̀tù tó pẹ́, mo ní òótọ́ ni sà, mo sọ bí mo ṣe ń ṣe é báyìí. Wọ́n dárúkọ gbèsè, mo gbé ìwé mi sórí tábìlì. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ti ẹni tó lọ wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ti lọ.

Ọ̀rọ̀ sáìnì ló wá kù. Ẹ ka ohun tó wà lókè ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ti sáìnì dáadáa, nítorí tiwa, pé o ti rí i ló wà níbẹ̀, kì í ṣe pé o gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níṣẹ́ ìjọba níbi tí wọ́n ti ṣì ń lo fọ́ọ̀mù APER tẹ́ ẹ ń pè ní épà, òun náà láyè tí ẹni tí wọ́n ń ṣe ríìpọ́ọ̀tù lé lórí ti máa kọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń fi í sílẹ̀ lófìfo ni. Mo kọ ìlà mẹ́rin, iye owó àti oṣù nìkan, mi ò kọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Mo fi déètì sí i, mo ya fọ́tò ojú ewé tèmi. Mi ò ya ìwé kọ́sítọ́mà kankan, ìyẹn lè dá ẹ̀ṣẹ̀ tòótọ́ sí èèyàn lọ́rùn.

Máàkì yẹn ò yí padà, wọn ò sì gbé mi ga lọ́dún yẹn, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ríìpọ́ọ̀tù oṣù kìíní jáde, gbèsè àtijọ́ ti ní ìlà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ apíréésà náà gan-an, aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ nígbà tí mo jáde, mo gbé báàgì mi, mo gba Ọjà Bísí lọ, ọjọ́ gbígba owó ni.