Ó Kúrú Díẹ̀

Nígbà tí ó ku ọ̀la kí a kírun ọdún Iléyá, mo lọ gba aṣọ mi lọ́dọ̀ télọ̀ kan tí gbogbo ilé wa ń rán aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, nítòsí Ọjà Ọba ní ìlú Ìlọrin. Yáàdì àǹkárá mẹ́rin ni mo kó fún un fún bùbá àti ṣòkòtò. Ó wọ̀n mí dáadáa, ó sì kọ 41 ínṣì sínú ìwé rẹ̀ níṣojú mi gẹ́gẹ́ bí gígùn ṣòkòtò náà. Bùbá kò ní àléébù kankan. Ṣòkòtò ni mo wọ̀ tí mo wolẹ̀, tí mo sì rí i pé agbedeméjì ojúgun ni ó dúró sí, bí ìgbà tí ènìyàn bá ká aṣọ sókè láti la odò kọjá. A fi téèpù wọ̀n ọ́n, 35 ínṣì ni.

Kí n tó dé ni arákùnrin kan ti wà níbẹ̀ tí ó ń pariwo. Ẹ̀yìn agbádá tirẹ̀ ni télọ̀ gbé gbogbo iṣẹ́ ọrùn sí, iwájú sì wà lóòfo, nítorí náà mi ò bá a wí pé ó bínú. Ó pe télọ̀ ní ewúrẹ́, ó pè é ní olè, ó ṣépè fún ọwọ́ rẹ̀, ó wá fi ọmọ àlè kún un. Télọ̀ kò dákẹ́ rárá. Ó fọwọ́ pa orí ara rẹ̀, ó sì bi àwọn tí wọ́n dúró bóyá wọ́n rí ìwo níbẹ̀, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ọmọ àlè, baba kan tí ó ń tajà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù dìde, ó ní òun mọ baba télọ̀ yìí dáadáa, àti pé ẹni tí ó bá bú òkú gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì. Kò pẹ́ tí arákùnrin náà fi dọ̀bálẹ̀ tí ó ń bẹ ẹni tí ó ba agbádá rẹ̀ jẹ́. Kò sí ẹni tí ó rántí ọ̀rọ̀ agbádá mọ́.

Ohun tí ó pa á lára ni pé gbogbo èébú rẹ̀ ni ó ṣeé já ní koro. Gbogbo ayé mọ̀ pé télọ̀ kì í ṣe ewúrẹ́, kò sì jí ohunkóhun. Bí ó ti ń fi èébú lé èébú ni ó ń fún ọ̀tá rẹ̀ ní ohun tí yóò fèsì sí, títí ó fi kan èyí tí ó sọ òun fúnra rẹ̀ di ẹlẹ́bi.

Inú ariwo yìí ni Ìyá àgbà wa bá wa. Ó ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú abọ́ wàrà lọ́wọ́, ó rí mi pẹ̀lú ojúgun mi níta, ó sì dúró. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo téèpù tí ó wà lórí tábìlì.

Ó ní, "Ó kúrú díẹ̀."

Iná ìjà àkọ́kọ́ kò tíì kú nínú télọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, ẹsẹ̀ ọmọ yín ni ó gùn sí i láti ìgbà tí mo ti wọ̀n ọ́n."

Mo ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Mo ya ẹnu, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lọ́yẹ̀.

Ó ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbà wo ni ọ̀gá yín máa dé?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pé orúkọ télọ̀ yìí ni wọ́n kọ gàdàgbà sí pátákó tí ó wà lórí ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà wà níbi ayẹyẹ tí ó fi gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó tilẹ̀ jẹ ìrẹsì níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, "ìwọ" ni ó máa ń pè é gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Ọjọ́ yìí nìkan ni ó fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún un, ọ̀wọ̀ náà gan-an ni ó sì gbé télọ̀ jìnnà sí i.

Télọ̀ la ẹnu, ó sì pa á dé. Kí ni yóò wí? Bí ó bá ní òun ni ọ̀gá, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó gé 35 níbi tí ó kọ 41 sí. Bí ó bá ní ọ̀gá kò sí nílé, ó ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ iṣẹ́. Kò sì lè pariwo pé wọ́n bú òun, nítorí bí baba iwájú ṣọ́ọ̀bù bá bi í pé kí ni Ìyá wí, ohun tí yóò tún sọ ni pé Ìyá kí òun kú iṣẹ́. Àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ parí èébú náà nínú ikùn, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a là á. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ tẹ orí sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín, kò sì wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín. Ó na abọ́ sí mi, ó ní, "Bá mi gbà á, omi wàrà yìí ń kán sí mi lẹ́sẹ̀."

Àbúrò mi tí ó bá mi lọ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbí kò yé ọ ni? Ó ní o ò mọ iṣẹ́!" Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni télọ̀ jí padà sáyé. Ó ti rí ẹni tí yóò bá jà, ó sì bi í pé ta ni ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà ni ó fi ojú kan pa àbúrò mi lẹ́nu mọ́.

Mi ò ní sọ pé ọgbọ́n yìí máa ń jẹ́ lójoojúmọ́. Ní ọ̀nà Ajáṣẹ́-Ìpo nígbà kan, awakọ̀ kan ń sáré àsápajúdé, Ìyá àgbà sì kí i pé, "Ẹ kú ìtọ́jú wa o." Awakọ̀ náà ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá," ó sì tún tẹ iná sí i. Ẹni tí ó bá gbà pé òun ń ṣe dáadáa, ìyìn ni yóò gbọ́. Ti télọ̀ yàtọ̀, nítorí téèpù wà lórí tábìlì, ínṣì mẹ́fà sì wà láàárín "díẹ̀" tí Ìyá wí àti ohun tí ojú gbogbo ènìyàn rí. Ká ní ìdajì ínṣì ni ó fi kúrú ni, ìròyìn lásán ni "ó kúrú díẹ̀" ìbá jẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, télọ̀ gbé ṣòkòtò náà wá sílé fúnra rẹ̀. Ó ti fi àṣẹ́kù aṣọ náà so ó pọ̀ lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú okùn, níbi tí bùbá yóò bò ó. Ó wá gùn dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Kò gba owó kankan kún un. Ìyá àgbà fọwọ́ pa ojú rírán náà, ó ní, "Ó dára. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yín."

Télọ̀ dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Wọ́n á gbọ́, Ìyá."