Ẹ Bèèrè Iye Tí Ọkọ̀ Náà Yóò Jẹ́ Lápapọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń gbé búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá kiri Èkìtì, púpọ̀ nínú yín ló ń bi mí nípa ọkọ̀ tí èèyàn á san àsansílẹ̀ lé lórí, tí ìyókù á máa lọ lóṣooṣù. Ohun tí mo ti kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé "Èló ni màá máa san lóṣù?" tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ bèèrè, òun gan-an ni ẹni tó ń tajà fẹ́ gbọ́. Owó oṣù ṣeé fà gùn títí yóò fi rọrùn létí. Iye tí ọkọ̀ náà yóò gbà lọ́wọ́ yín títí dé ìparí ni kí ẹ bèèrè.

Àbúrò kan tó ń gbé búrẹ́dì láti Adó lọ sí Ìwòròkó, Ìfàkì àti Ọ̀yẹ́ mú ìwé tirẹ̀ wá fún mi kí n bá òun wò ó. Kòròpé tòkúnbọ̀ ni, wọ́n ti yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kí pákó búrẹ́dì lè wọlé. Bí èèyàn bá kówó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ₦5,000,000 ni. Wọ́n ní kó san ₦1,500,000 sílẹ̀, kó san ₦3,500,000 tó kù láàárín oṣù 12, pẹ̀lú èlé ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù.

"Ẹ̀gbọ́n, mẹ́ta péré ni wọ́n gbé lé e o."

Mo ní, "Mẹ́ta lórí èló?"

Ó wo ìwé náà, kò rí i níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Èlé tí wọ́n kọ fún un jẹ́ èyí tó dúró lójú kan, tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ń pè ní fúláàtì. Wọ́n á mú ìdá 3 nínú gbogbo ₦3,500,000, ó di ₦105,000, wọ́n á sì máa gba iye yẹn lóṣooṣù títí oṣù 12 yóò fi pé. Èlé nìkan di ₦1,260,000. Ẹ fi kún gbèsè, ó di ₦4,760,000. Ẹ pín in sí 12, owó oṣù jẹ́ nǹkan bí ₦396,667.

Ẹ wo ibi tó ti dunni. Ní oṣù kọkànlá, díẹ̀ ló kù nínú gbèsè yẹn, síbẹ̀ èlé orí gbogbo ₦3,500,000 ni wọ́n ṣì ń gbà, àfi bí ẹni pé kò tíì san kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ pé orí ohun tó kù nílẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìdá 3 kan náà lé, owó oṣù kò ní ju nǹkan bí ₦351,600 lọ, gbogbo èlé ọdún náà kò sì ní ju ₦720,000 lọ. Nǹkan bí ₦540,000 ló wà láàárín méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ìdá 3 ni wọ́n kọ sínú ìwé méjèèjì. Bí a bá yí fúláàtì yẹn padà sí èlé orí ohun tó kù, ó lé díẹ̀ ní ìdá 5 lóṣù.

Bí ẹ kò bá fẹ́ràn ìṣirò, ìbéèrè kan wà tó ń tú àṣírí. Ẹ sọ fún wọn pé: "Bí mo bá rí owó ní ìparí oṣù kẹfà, tí mo fẹ́ san gbogbo rẹ̀ tán, èló ni màá san?" Lórí ọkọ̀ yìí, ẹni tó ń gba èlé lórí ohun tó kù yóò dá yín lóhùn nǹkan bí ₦1,905,000. Bí ẹni fúláàtì kò bá fẹ́ dín kọ́bọ̀ kù, ₦2,380,000 ni yóò pè. Èsì yòówù kí wọ́n fún yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, torí ẹni tó sọ ọ́ lẹ́nu lè má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbówó dé.

A wá bọ́ sórí bóyá búrẹ́dì lè san án. Àbúrò yìí ti pín owó oṣù sí ọjọ́ 26, ó ní òun kàn ní láti ya ₦15,300 sọ́tọ̀ lójúmọ́. Mo ní kó pín in sí 22. Ọkọ̀ yóò wọ ilé mẹkáníìkì, epo yóò wọ́n, àwọn olówò Ọ̀yẹ́ yóò ní kó padà wá gbowó ní ọjọ́ ọjà. Sí 22, ó di ₦18,000 lójúmọ́, lẹ́yìn epo, owó ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ àti oúnjẹ ilé tirẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Àràmọ̀kọ sí Ẹ̀fọ̀n, ẹ tún dín ọjọ́ kù. Òkè yẹn ń jẹ kọ́lọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ kékeré tó bá gbẹ́rù.) Ó rò ó títí, ó ní òun lè rí ₦14,000 yà sọ́tọ̀. A padà lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó fi oṣù mẹ́ta sí i kó àsansílẹ̀ jọ, kí gbèsè lè kéré.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí: bí ìwé yín bá jẹ́ ti háyà pọ́ọ̀ṣéèsì, ẹni tó gbé ọkọ̀ fún yín ló ṣì ni ín títí ẹ ó fi san owó ìkẹyìn. Ẹ kò lè tà á, ẹ kò sì lè fi í dúró gbèsè mìíràn. Ṣùgbọ́n Òfin Háyà Pọ́ọ̀ṣéèsì ti ọdún 1965 dáàbò bo ẹni tó ń sanwó. Ní ti ọkọ̀, bí ẹ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú ìdá márùn-ún gbogbo owó náà, oní-ǹkan kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ gbà á padà mọ́; ó di kó lọ sílé ẹjọ́. Lórí ọkọ̀ àbúrò wa, àsansílẹ̀ àti owó oṣù lápapọ̀ jẹ́ ₦6,260,000. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦3,756,000. Àsansílẹ̀ wà nínú kíkà, torí náà lẹ́yìn owó oṣù kẹfà ló tó kọjá ibẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn ni ewu pọ̀ jù, ìgbà yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fi èrè àkọ́kọ́ ra fóònù.

Àyè kan ṣì wà fún oní-ǹkan nínú òfin yẹn. Bí owó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá ti pé láìsan, ó lè gbé ọkọ̀ lọ síbi tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kó má baà bàjẹ́, nígbà tí ẹjọ́ bá ń lọ. Nítorí náà, ẹ pa gbogbo rìsíìtì mọ́, ẹ sì máa san án sínú àkáǹtì tí orúkọ wọn wà lórí rẹ̀, kì í ṣe sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ kan. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yáwó ni ẹ fi ra ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà ka ìwé yẹn kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ní ti ìnṣọ́ránsì, èyí tó ń san fún ẹni tí ẹ kọ lù nìkan kò ní ra ọkọ̀ mìíràn fún yín bí olè bá gbé e lọ, owó oṣù kò sì ní dúró. Ẹ ra èyí tó bo ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ sì ka owó rẹ̀ mọ́ ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá san owó ìkẹyìn, ẹ má tíì lọ sílé. Ẹ gba lẹ́tà pé gbèsè tán, ẹ gba ojúlówó ìwé ọkọ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ tíráká wọn, kí ẹ sì lọ yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀. Lẹ́tà yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lọ́la yóò kọ́kọ́ bèèrè.