Tíì dà sí kọ̀ǹpútà mi ní oṣù Kẹfà, oṣù Keje ló tó pa á

Mo ń tẹ ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi nílé lálẹ́ ọjọ́ kan n'Íbàdàn, ni ìgbọ̀nwọ́ mi bá gbá kọ́ọ̀bù tíì. Tíì oní mílíìkì ni, mo sì ti bu ṣúgà sí i dáadáa. Ó tó ìdajì kọ́ọ̀bù tó ṣàn wọ inú kíbọ́ọ̀dù. Mo sáré fa aṣọ, mo nù ún, mo tún wò ó: ojú rẹ̀ ń tàn, gbogbo lẹ́tà ń jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lò ó tí nǹkan kan ò ṣe é. Lẹ́yìn náà ni "e" àti "r" dákẹ́. Kò pẹ́ tí kò gba ṣájà mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí, kò tàn.

Ọ̀dọ́kùnrin tó bá mi tú u fún mi ní dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo ibí yìí." Lórí bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó inú rẹ̀ tí àwọn nǹkan kéékèèké so mọ́, nítòsí ibi tí bátìrì ti so mọ́ ọn, mo rí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé bíi ti bàbà tó ti pẹ́ nínú ọ̀rinrin. Ẹsẹ̀ kan lára nǹkan dúdú kékeré kan ti jẹ tán. Ó ní, "Omi nìkan kọ́ ló pa á o. Iná tó ń gba inú omi yẹn kọjá ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Iyọ̀ tó wà nínú mílíìkì àti nínú omi tí a fi po tíì máa ń jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá. Bí iná bá ti ń ti ojú kan lọ sí ìkejì báyìí, ó ń bó bàbà lára ojú kan, ó sì ń kó o lọ sí ìkejì. Díẹ̀ díẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bí a tilẹ̀ pa kọ̀ǹpútà, bátìrì ṣì ń fún apá kan nínú bọ́ọ̀dù níná, nítorí ohun kan ní láti wà lójúfò tí yóò mọ̀ pé a tẹ bọ́tìnnì. Ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti jẹ.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìrẹsì tí gbogbo ènìyàn ń sọ, pé kí a ki ohun tí omi bá wọ̀ bọ inú ìrẹsì kí ó lè gbẹ. Ìrẹsì kò lè fa ohun tó wà lábẹ́ àwọn nǹkan kéékèèké yẹn jáde, bátìrì sì wà nínú rẹ̀ tó ń bá iṣẹ́ ibi lọ. Bí omi tilẹ̀ gbẹ, ṣúgà àti iyọ̀ kò bá a lọ. Ẹ ṣáà mọ bí ṣúgà inú agolo tí a kò dé ṣe máa ń dì mọ́ra lásìkò òjò: bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó kù lórí bọ́ọ̀dù ṣe ń fa ọ̀rinrin mọ́ra padà.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin da móòtì sórí èyí tí mo rà tẹ̀lé e, mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo yọ ṣájà, mo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá títí ó fi kú. N kò dúró fi iṣẹ́ tí mo ń ṣe pamọ́. Mo ṣí i sílẹ̀, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí táwẹ́ẹ̀lì bí òrùlé ilé, kí móòtì lè gba ojú tó bá wọlé jáde. Bátìrì tirẹ̀ wà nínú, nítorí náà mo tú àwọn síkúrúù abẹ́ rẹ̀, mo sì fa okùn bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tí bátìrì rẹ̀ ń ṣí níta, ẹ tètè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti gbóná tàbí tó wú, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jìnnà sí i.

N kò fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ẹ, nítorí atẹ́gùn rẹ̀ lè ti omi wọnú sí i. N kò sì tàn án wò. Títàn wò yẹn, tí ọkàn ẹni máa ń fà sí jù, ló ń ba púpọ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ fún ọ̀dọ́kùnrin yẹn. Ó yọ bọ́ọ̀dù síta, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ àti sípírítì tí wọ́n kọ 99% sí lára fọ̀ ọ́. Ó ní 70% ní omi púpọ̀ nínú. Lẹ́yìn tó gbẹ dáadáa ló tó so bátìrì padà. Kí n tó lò ó fún ohunkóhun, mo kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì mi kọ sí ibòmíràn.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, mo ṣì ń lò ó. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ nìkan ni a pààrọ̀, torí móòtì ti dì mọ́ abẹ́ lẹ́tà rẹ̀.