Ṣé òṣìṣẹ́ wọn ni?

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù, ọ̀rọ̀ obìnrin báǹkì yẹn ò tíì kúrò létí mi. Kì í tilẹ̀ ṣe èmi ló ń bá wí. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bi léèrè, ó gbé ìwé tí mo túmọ̀ sí Faransé sókè: "Ṣé òṣìṣẹ́ wọn ló wá ń ṣí àkáǹtì fún wọn ni?" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo ń wo bàtà mi.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti Èkó fẹ́ ní àkáǹtì níbí ní Kútọnu. Ìpinnu ìgbìmọ̀ àti àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn ni mo túmọ̀ fún un, ojú ìwé mẹ́rin péré. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ dáírẹ́kítọ̀, mo kọ dirẹkitẹẹ. Létí, ọ̀kan náà kúkú ni wọ́n. Ṣùgbọ́n dirẹkitẹẹ àwọn ará ibí, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni. Ẹni tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀, tó ń dìbò, adiminisitiratẹẹ ni. Ohun tí obìnrin náà kà nínú ìwé mi ni pé àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta ṣèpàdé, wọ́n sì fún ara wọn láṣẹ láti máa fọwọ́ sí sọ̀wédowó. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?

Síbẹ̀, ó yẹ kó pè mí sí kọ̀rọ̀.

Ó tún kù. Mo ti sọ "Ltd" ẹ̀yìn orúkọ wọn di SARL, irú ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn ará ibí ní. SARL ò ní ìgbìmọ̀ nínú òfin OHADA, òfin òwò tí Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn jọ ń lò; alábòójútó tí wọ́n ń pè ní jẹ́rán ló ń darí rẹ̀. Orí ìwé mi ń sọ ọ̀kan, ara rẹ̀ ń sọ òmíràn! Ó yẹ kí n fi "Ltd" sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n wá fi àlàyé ògbufọ̀ sísàlẹ̀ pé òfin Nàìjíríà ló dá irú ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Òun náà ni mo ṣe lálẹ́ yìí. Mo tún òǹtẹ̀ lù lójú ewé kọ̀ọ̀kan, mo so ó mọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù... gbólóhùn tó léwu gan-an, mo kọ ọ́ dáadáa. "Ẹni méjì nínú mẹ́ta, papọ̀." Bí mo bá fi "lọ́tọ̀ọ̀tọ̀" síbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo lè dìde kó kó owó lọ. Kò sẹ́ni tó rí i. Dirẹkitẹẹ ni wọ́n rí.

Òjò wẹ̀ mí bí mo ṣe ń bọ̀. Mo jẹ gàrí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n láti tọrọ àforíjì. Ni mo bá sọ ohun tí obìnrin náà wí. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Kò parọ́ o, àbúrò mi. Bí kì í bá ṣe èmi, ta tún ni òṣìṣẹ́ níbẹ̀?"